Orí Keje: Títúmọ̀ Ìlànà Ìtọ́jú Jẹnẹrétọ̀ Oní-dísẹ́ẹ̀lì fún Mẹkáníìkì

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fi í sítáàtì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀nà epo rẹ̀;
- yan ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún iṣẹ́ kan, kí ó sì lo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin;
- to gbólóhùn bí ọwọ́ mẹkáníìkì yóò ṣe to iṣẹ́;
- fi ìkìlọ̀ sí ibi tí ojú yóò ti kàn án kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀;
- dán ìtumọ̀ rẹ̀ wò lọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni orí yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ: pípààrọ̀ fílítà epo àti lílé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ̀nà epo. Iṣẹ́ tí kì í pẹ́ délẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi púpọ̀ tí ìtumọ̀ tí kò péye ti lè ṣi mẹkáníìkì lọ́nà.

7.1 Ohun tí atúmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì náà

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Afẹ́fẹ́ ni písítìnnì máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, tí epo bá sì ti fọ́n sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Kí epo tó lè fọ́n wọlé bẹ́ẹ̀, agbára ńlá ló gbọ́dọ̀ tì í. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nọ́sù, ìyẹn ẹnu tí epo ń gbà fọ́n wọ inú sílíńdà, kì í ṣí àfi tí agbára tó wà lẹ́yìn epo bá tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò.

Ọ̀nà tí epo ń tọ̀ kò ṣòroó mọ̀. Láti inú táńkì, pọ́ńpù afàpo, èyí tó kéré tó sì máa ń ní ọwọ́ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, yóò fà á wá sí fílítà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti lọ sí pọ́ńpù ńlá, èyí tó ń fún epo ní agbára. Pọ́ńpù ńlá ni yóò wá tì í gba inú páìpù irin tín-ín-rín lọ sí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Epo tó bá ṣẹ́kù yóò padà sí táńkì.

Epo kì í fún pọ̀ lọ títí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, pọ́ńpù ńlá yóò kàn máa fún un pọ̀, yóò sì máa tú u sílẹ̀, agbára kò sì ní dé ìwọ̀n tí nọ́sù ń fẹ́ kí ó tó ṣí. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "ẹ́ńjìnnì ti fa afẹ́fẹ́" nìyẹn. Àmì rẹ̀ hàn kedere: sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n èéfín kankan kò jáde lẹ́nu sáléńsà. Bí epo bá ń dé inú sílíńdà tí kò kàn gbiná, èéfín funfun yóò jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sítáàtì, yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò sì kú.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé epo tán nínú táńkì pátápátá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà, tàbí kí orí ìsopọ̀ kan láàrin táńkì àti pọ́ńpù afàpo má fún dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń tan mẹkáníìkì jẹ, nítorí pé fífà ni pọ́ńpù ń fa epo ní apá ibẹ̀. Ojú ibi tó ṣí lè gbẹ láì jò, kí ó sì máa fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Kí ni gbogbo èyí kan atúmọ̀? Ó kàn án nítorí pé ìwé olùṣe ẹ́ńjìnnì kì í ṣàlàyé ìdí. Ó kàn máa ń sọ pé kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde ni. Atúmọ̀ tí kò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe níbẹ̀ kò lè mọ̀ pé "dẹ̀" ni ìwé ń sọ, kì í ṣe "yọ". Kò sì lè mọ̀ pé ìhó inú epo ni mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ máa wò, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ààlà kan wà tó gbọ́dọ̀ hàn lójú ewé àkọ́kọ́ ìtumọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí pọ́ńpù ńlá rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà ni orí yìí ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní kan wà tí páìpù irin kan ṣoṣo ń kó epo pamọ́ fún gbogbo nọ́sù, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Agbára epo inú wọn ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìwé wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni láyè láti dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù láti lé afẹ́fẹ́. Nítorí náà, atúmọ̀ gbọ́dọ̀ da orúkọ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ sórí ìtumọ̀ bí ó ṣe wà lára àwo irin ẹ́ńjìnnì náà gan-an.

7.2 Ọ̀rọ̀ wo ni kí a lò?

Ọ̀rọ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn fi ń pe nǹkan lẹ́nu iṣẹ́. Fílítà, sípánà, nọ́ọ̀tì, bátìrì, pọ́ńpù, nọ́sù, sítátà: gbogbo wọn ti di Yorùbá lẹ́nu mẹkáníìkì. Atúmọ̀ tó bá kọ "asẹ́ epo" sílẹ̀ dípò fílítà lè rò pé òun ti gbé èdè ga, ṣùgbọ́n asẹ́ ni ohun tí a fi ń sẹ́ ògì. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ dúró rò ó ná. Orúkọ tí wọ́n bá ń pè é nídìí iṣẹ́ ni kí ó wà nínú ìwé.

Bí apá kan kò bá ní orúkọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí atúmọ̀ sọ ohun tó ń ṣe, kí ó sì tọ́ka ibi tó wà. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí fílítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Orí yìí pè é ní nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́. Kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a ó ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ yẹn nìkan ni yóò máa jẹ́. Àṣìṣe ni kí ó jẹ́ nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ ní ìgbésẹ̀ kẹta, kí ó di "ìdérí" ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Nínú ìtàn àròsọ, ẹwà ni kí òǹkọ̀wé máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú ìlànà iṣẹ́, mẹkáníìkì yóò rò pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkejì.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Bí bọ́tìnì bá jẹ́ `AUTO`, `OFF`, `MAN` tàbí `START`, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a kọ ọ́, nítorí pé ohun tí ojú mẹkáníìkì yóò bá níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a lè fi kún un ni àlàyé: lórí `AUTO`, jẹnẹrétọ̀ lè tan ara rẹ̀ nígbà tí iná ìjọba bá lọ, lórí `MAN`, ènìyàn ló ń tàn án. Bákan náà ni nọ́ńbà. Wákàtí 500 ni mítà ń fi hàn, nítorí náà "wákàtí 500" ni kí ó wà nínú ìwé, kì í ṣe "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí", bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá tó dára ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló gba ìṣọ́ra jù. Mẹ́rin péré ni iṣẹ́ yìí nílò fún nọ́ọ̀tì, kí olúkúlùkù wọn sì dúró sí àyè tirẹ̀:

Dẹ̀ ni kí nọ́ọ̀tì yí díẹ̀ kí ó má fún mọ́, ṣùgbọ́n kí ó ṣì wà láyè rẹ̀. Tú ni kí a yí nǹkan títí okùn rẹ̀ yóò fi tán. Yọ ni kí a mú un kúrò níbẹ̀. Táìtì ni kí a yí i kí ó fún.

Ẹni kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò lo "dè" dípò táìtì, nígbà tí ó jẹ́ Yorùbá gidi. Ojú ìwé ni ìdí rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń pàdánù ohùn rẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà "dẹ̀" yóò di "dẹ nọ́ọ̀tì", "dè" yóò sì di "de nọ́ọ̀tì". Àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló wá kù láàrin iṣẹ́ méjì tó lòdì síra pátápátá. Bí wọ́n bá tẹ ìwé náà lórí fóònù tí kò ní àmì, tàbí tí ọ́ìlì bá ta sórí ewé, ẹni tó yẹ kí ó dẹ̀ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un títí orí nọ́ọ̀tì yóò fi já. Táìtì kò lè jọ dẹ̀ láéláé.

Lúùsù náà wà lẹ́nu mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n kò tó fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń lò ó fún nọ́ọ̀tì tí wọ́n dẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì tún ń lò ó fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú palẹ̀. Nínú lílé afẹ́fẹ́, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá yọ pátápátá yóò jẹ́ kí epo tú jáde kí afẹ́fẹ́ sì tún ráyè wọlé, nọ́ọ̀tì náà fúnra rẹ̀ sì lè bọ́ sínú ìdọ̀tí abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

7.3 Ta ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀?

Nínú ìwé ẹ̀kọ́, "Ka àyọkà yìí" kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọwọ́ ọ̀gá wà nínú ọ́ìlì, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń mú ìwé dání, tí yóò máa kà á sókè. Bí ìwé bá sọ pé "Tú fílítà, kí o sì yọ ọ́", ọmọdé ló ń fi "o" pàṣẹ fún ọ̀gá rẹ̀ yẹn. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí "ẹ" bí ó ti ń kà á, níbi tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò ti fo ọ̀rọ̀ kan. "Ẹ" ló yẹ ìlànà wọ́kíṣọ́ọ̀bù: "Ẹ tú fílítà. Ẹ yọ ọ́."

Ṣùgbọ́n "ẹ" ọ̀wọ̀ àti "ẹ" ọ̀pọ̀ jọ ara wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá gba ènìyàn méjì, "ẹ" kò sọ ta ni yóò ṣe èwo. Níbẹ̀, kí atúmọ̀ pín wọn: Ẹnì Kìíní ló dúró ti ẹ́ńjìnnì, Ẹnì Kejì ló dúró ti pánẹ́ẹ̀lì. Kí iṣẹ́ olúkúlùkù wá tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀.

"A" ni ó yẹ kí a sá fún jù. "A ó yọ fílítà" lè jẹ́ ìròyìn, ó lè jẹ́ ìlérí, ó sì lè jẹ́ àṣẹ. Àwọn ìwé olùṣe máa ń fi oníṣẹ́ pamọ́ nínú gbólóhùn wọn, àwọn atúmọ̀ sì máa ń sá lọ bá "a" láti fi bo ojú ibẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Kí ó pàṣẹ.

7.4 Bí gbólóhùn ṣe ń tò

Ìgbésẹ̀ ni iṣẹ́ kan tí ọwọ́ lè parí kí ojú tó padà sórí ìwé. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Yúróòpù ti gbé òfin kalẹ̀ fún irú ìwé báyìí láti 1986. Orúkọ tí òfin náà ń jẹ́ lónìí ni `ASD-STE100`. Ó ní kí gbólóhùn ìlànà má ju ọ̀rọ̀ 20 lọ, kí gbólóhùn kan pàṣẹ kan àfi bí iṣẹ́ méjì bá gbọ́dọ̀ wáyé pọ̀, kí ọ̀rọ̀ kan sì ní ìtumọ̀ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, iye 20 yẹn kò sì bá Yorùbá mu gẹ́gẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kúrú, ó sì pọ̀. Èyí tó wúlò fún wa ni àṣẹ kan nínú gbólóhùn kan. Fún gígùn, èémí ni ká fi wọ̀n ọ́n: kí ọmọ iṣẹ́ lè ka gbólóhùn tán láì mí sí i.

Ohun tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú gbólóhùn. Ìwé olùṣe lè sọ pé kí wọ́n táìtì nọ́ọ̀tì nígbà tí epo bá ń jáde láìsí ìhó. Bí ìtumọ̀ bá sọ pé "Ẹ táìtì nọ́ọ̀tì nígbà tí epo kò bá hó mọ́", ẹni tó ń gbọ́ ọ ti táìtì rẹ̀ kí gbólóhùn tó dé ìdajì. "Nígbà tí epo kò bá hó mọ́, ẹ táìtì nọ́ọ̀tì" ló yẹ.

Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ rí i dájú pé" náà nílò àtúnṣe. Kò sọ ohun tí ojú yóò wò, kò sì sọ ohun tí a ó ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Dípò "Ẹ rí i dájú pé ojú ìjókòó fílítà dára", ó sàn kí a kọ ọ́ báyìí: "Ẹ wo ojú ibi tí fílítà ń jókòó sí. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́." Rọ́bà méjì tó gun ara wọn wà lára ohun tó ń mú kí fílítà tuntun máa jò. "Dára" kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Ìpele mẹ́rin ni ìwé àwọn olùṣe sábà máa ń ní, kí ìtumọ̀ sì dá olúkúlùkù mọ̀: EWU fún ohun tí yóò pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi bí a kò bá yẹra fún un, ÌKÌLỌ̀ fún ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṢỌ́RA fún ọgbẹ́ tí kò le, ÀKÍYÈSÍ fún ohun tó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Atúmọ̀ kò ní àṣẹ láti sọ ÌKÌLỌ̀ di ÀKÍYÈSÍ.

7.5 Àpẹẹrẹ: láti ìtumọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó ṣeé lò

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tí kò ní kọ̀ǹpútà ni àpẹẹrẹ wa. Báyìí ni atúmọ̀ kan tó tẹ̀ lé ìwé olùṣe ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ṣe lè kọ ọ́:

> A gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ti wà ní pípa kí ìpààrọ̀ asẹ́ epo tó wáyé. A ó yọ asẹ́ ti tẹ́lẹ̀, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi epo pa òrùka rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni a ó mú kúrò nípa yíyọ ìdè afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá ń lo ọ̀pá ìfami títí epo yóò fi mọ́. Ìkìlọ̀: epo tó ń jáde pẹ̀lú agbára lè ṣe ara léṣe.

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ kò ṣeé fi ṣiṣẹ́. "Ti wà ní pípa" kò sọ̀rọ̀ nípa `AUTO`, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan pa lè tan ara rẹ̀ bí iná ìjọba bá lọ, nígbà tí ọwọ́ mẹkáníìkì wà nítòsí bẹ́líìtì fáànù. Fífi epo pa rọ́bà ló gbẹ̀yìn nínú gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́. "Yíyọ" gba àyè "dídẹ̀". "Títí epo yóò fi mọ́" yóò jẹ́ kí mẹkáníìkì máa wo ìdọ̀tí, nígbà tó jẹ́ pé epo tó mọ́ lóló lè kún fún afẹ́fẹ́. Ìkìlọ̀ sì dé nígbà tí iṣẹ́ ti tán.

Ìtumọ̀ tí wọ́n tún ṣe nìyí:

Iṣẹ́: Ẹ pààrọ̀ fílítà epo, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ jáde.
Ìgbà: Ní gbogbo wákàtí 500.
Ènìyàn: 2.
Ohun èlò: Sípánà 10 àti 17, ohun tí a fi ń tú fílítà, bàsíà, aṣọ tó mọ́, fílítà tuntun, páálí, ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú.

EWU. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí `AUTO`, ó lè tan ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìgbésẹ̀ 1 sí 3 kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.
2. Ẹ tẹ `OFF` lójú pánẹ́ẹ̀lì.
3. Ẹ yọ wáyà nẹ́gátíìfù (−) kúrò lórí bátìrì. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù.
4. Ẹ ti táàpù epo tó wà lábẹ́ táńkì.
5. Ẹ fi aṣọ nu fílítà àti àyíká rẹ̀. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀.
6. Ẹ tú fílítà àtijọ́. Ẹ yọ ọ́.
7. Ẹ wo ojú ibi tí fílítà ń jókòó sí. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́.

ÀKÍYÈSÍ. Ẹ má da epo sínú fílítà tuntun. Ìdọ̀tí inú epo náà yóò bọ́ sí apá tí fílítà kò lè sẹ́ mọ́, yóò sì ba pọ́ńpù ńlá àti nọ́sù jẹ́.

8. Ẹ fi epo dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ pa rọ́bà fílítà tuntun.
9. Ẹ fi ọwọ́ yí fílítà wọlé títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi kan ìjókòó.
10. Láti ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i sí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyípo. Ẹ má fi irinṣẹ́ táìtì rẹ̀.
11. Ẹ ṣí táàpù epo.
12. Ẹ fi sípánà 10 dẹ nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ tó wà lórí fílítà. Ẹ má yọ ọ́.
13. Ẹ máa tẹ ọwọ́ pọ́ńpù afàpo. Epo tó ń jáde yóò máa hó bí omi ọṣẹ.
14. Bí ọwọ́ pọ́ńpù bá rọ̀ tí kò fa nǹkan kan, ẹ yí ẹ́ńjìnnì ní àyípo 1. Ẹ tún máa tẹ ọwọ́ pọ́ńpù.
15. Nígbà tí epo bá ń jáde tí kò hó mọ́, ẹ táìtì nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́.
16. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 12 sí 15 fún nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ tó wà lára pọ́ńpù ńlá.
17. Ẹ nu epo tó dà sílẹ̀. Ẹ dá wáyà bátìrì padà. Ẹ tẹ `MAN`.

ÌKÌLỌ̀. Epo tó ń fọ́n láti nọ́sù tàbí páìpù rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì. Ẹ má fi ọwọ́ dí i. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ kéré.

18. Ẹnì Kìíní: Ẹ fi sípánà 17 dẹ nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ nọ́sù 1. Ẹ sún sẹ́yìn.
19. Ẹnì Kejì: Ẹ tẹ `START`. Ẹ má jẹ́ kí sítátà yí ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Bí epo kò bá tíì jáde, ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi kí ẹ tó tún un ṣe.
20. Ẹnì Kìíní: Nígbà tí epo bá jáde láì hó, ẹ pariwo pé "Dúró!"
21. Ẹnì Kejì: Ẹ tẹ `OFF`.
22. Ẹnì Kìíní: Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ẹ táìtì nọ́ọ̀tì páìpù náà.
23. Fún nọ́sù 2, 3 àti 4, lọ́kọ̀ọ̀kan: Ẹ tẹ `MAN`. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 18 sí 22.
24. Ẹ tẹ `MAN`. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5.
25. Ẹ gbé páálí sún mọ́ orí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí epo bá ta sára páálí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó táìtì ibẹ̀.
26. Nígbà tí kò bá sí ibi tó ń jò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ `AUTO`.

Ìtumọ̀ yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mẹkáníìkì yóò ti dúró béèrè ohun tí ó kàn. Ẹ kíyè sí ìgbésẹ̀ 14. Pọ́ńpù afàpo ní ọ̀pá kan tí kámù ẹ́ńjìnnì ń tì. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró níbi tí kámù ti ti ọ̀pá náà dé òpin, ọwọ́ pọ́ńpù kò ní rí nǹkan kan fà. Ìwé olùṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àlàyé wẹ́wẹ́, ó sì rọrùn fún atúmọ̀ láti fò ó. Mẹkáníìkì tí kò bá rí i níbẹ̀ lè pinnu pé pọ́ńpù ti bàjẹ́, kí ó sì lọ ra òmíràn láìnídìí.

Àkíyèsí tó ṣáájú ìgbésẹ̀ 8 náà gba ìdúróṣinṣin. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń rọ epo kún fílítà kí wọ́n tó fi wọlé, nítorí pé ó ń dín iṣẹ́ lílé afẹ́fẹ́ kù. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì kan bá gbà á láyè, kí ìtumọ̀ rẹ̀ gbà á. Bí ìwé bá kà á léèwọ̀, kí ìtumọ̀ kà á léèwọ̀, kí ó sì sọ ìdí, nítorí pé àṣẹ tí kò ní ìdí kì í borí àṣà tó ti mọ́ra.

7.6 Dídán ìtumọ̀ wò

Àdánwò lójú iṣẹ́ ni kí ẹni tí kò rí ìwé olùṣe rí máa fi ìtumọ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ náà, kí atúmọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì sọ̀rọ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ máa kà, kí mẹkáníìkì tó dáńgájíá máa ṣe é, kí atúmọ̀ máa kọ ibi mẹ́ta sílẹ̀: ibi tí òǹkàwé ti ka gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí ọwọ́ ti dúró, àti ibi tí ọwọ́ ti ṣe ohun tí ìwé kò sọ.

Ibi kẹta yìí ló níye lórí jù. Bí mẹkáníìkì bá nu ojú ìjókòó fílítà láìjẹ́ pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan sọnù. Bí ó bá sì ṣe ohun tí ìwé kà léèwọ̀, ìkìlọ̀ ni kò hàn tó. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti yọ wáyà bátìrì rẹ̀ ni kí wọ́n fi dán ìgbésẹ̀ 4 sí 16 wò. Ti ìgbésẹ̀ 18 sí 23 kò gbọdọ̀ wáyé láìsí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀.

7.7 Kókó orí yìí

Dẹ̀, tú, yọ àti táìtì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ojú pánẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà kì í yí padà. "Ẹ" ni kí a fi pàṣẹ, kí a sì pín iṣẹ́ fún Ẹnì Kìíní àti Ẹnì Kejì níbi tí ènìyàn méjì bá wà. Àmì tí ojú yóò rí ló ń ṣáájú iṣẹ́ tí ọwọ́ yóò ṣe, ìkìlọ̀ sì ń ṣáájú ìgbésẹ̀.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí afẹ́fẹ́ inú páìpù fi ń dí nọ́sù lọ́wọ́ láti ṣí. Àmì wo ni yóò hàn lẹ́nu sáléńsà?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin "ẹ dẹ nọ́ọ̀tì", "ẹ tú nọ́ọ̀tì" àti "ẹ yọ nọ́ọ̀tì"? Sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí èyí tó kẹ́yìn bá gba ipò èyí àkọ́kọ́ ní ìgbésẹ̀ 12.

3. Tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kọ fún wọ́kíṣọ́ọ̀bù:
 (a) A gbọ́dọ̀ rí i dájú pé bátìrì wà ní ipò tó dára.
 (b) Da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tí o bá ti táìtì nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì àtijọ́ gbà jáde.
 (d) Ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìkìlọ̀: omi gbígbóná lè ta sí ni lójú bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì tutù.

4. Ìwé olùṣe kan sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ń lo kọ̀ǹpútà láti ṣí nọ́sù. Àwọn ìgbésẹ̀ wo nínú 7.5 ni kò gbọdọ̀ sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀? Sọ ìdí.

5. Lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò rẹ. Béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá mẹ́wàá lára ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Níbi tí orúkọ bá ti yàtọ̀, yan ọ̀kan, kí o sì sọ ìdí tí o fi yàn án.

6. Kọ ìlànà pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní ìgbésẹ̀ tí kò ju 15 lọ. Ṣe àdánwò lójú iṣẹ́ fún un, kí o sì fi ìtumọ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tí o tún ṣe ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ pọ̀.